Bí A Ṣe Ń Kọ Abala Iṣẹ́ Nínú Ìwé Àdéhùn: Tábìlì Ilé Ìwé Ọgọ́ta

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún olùpèsè, tó sì ní láti kọ abala tó sọ ohun tí olùpèsè náà yóò ṣe, ohun tí yóò kó wá, àti ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ pé ó ṣe é bí a ṣe fẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la ó tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn fẹ́ kí káfíńtà ṣe tábìlì onígi 60, èyí tí ìjókòó so mọ́ ọn, tí ọmọ méjì-méjì yóò máa jókòó sí. Wọ́n fẹ́ lò ó nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án.

Mo ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì kọ ọ́ dáadáa. Ìgbìmọ̀ òbí ló ní kí n kọ ọ́. Mo kọ pé kí káfíńtà ṣe “tábìlì 40 tó dára, tó lágbára, tí a fi ojúlówó igi ṣe.” Wọ́n kó wọn dé ní oṣù Keje, wọ́n ń dán gbinrin, inú gbogbo wa dùn, a sì san owó tán. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa jà tán, ó lé ní ìdajì wọn tí oríkèé wọn ti ń mì. Káfíńtà ní tábìlì tó dára lòun kó wá, pé àwa fúnra wa sì gbà á. Kò sí gbólóhùn kan nínú ìwé tí mo kọ tó lè já a nírọ́. Gbogbo ohun tí mo sọ nísàlẹ̀ yìí ti inú ìyẹn wá.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé

Ẹ má jókòó sídìí ìwé láì kọ́kọ́ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Tépù ìwọ̀n tó ní sẹ̀ǹtímítà àti íǹṣì. Íǹṣì ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń lò. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ ó fi ṣèdájọ́. Íǹṣì kan jẹ́ 2.54 sẹ̀ǹtímítà.
- Gíga àwọn ọmọ tí yóò lo tábìlì náà, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n.
- Ògbólógbòó tábìlì kan láti inú ilé ìwé náà, èyí tó ti bàjẹ́.
- Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn omi inú igi, tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu. Ẹ lè yá a.
- Àpò sìmẹ́ńtì méjì, káàdì báńkì méjì, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òwú rẹ̀ máa ń tètè fà.
- Ẹnì kan tó mọ igi, tí kò sì ní owó kankan tí yóò jẹ nínú iṣẹ́ náà.

Ògbólógbòó tábìlì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì. Ẹ wo ibi tó ti ya. Níbi tí mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìdábùú tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni etí ìjókòó máa ń fa aṣọ àti itan àwọn ọmọ ya. Ojú tábìlì fúnra rẹ̀ kì í sábàá bàjẹ́. Ibi tí ti àtijọ́ ti bàjẹ́ ni kí ìwé yín ti gùn jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ ẹni tí yóò lò ó

Ẹ fi gbólóhùn méjì péré bẹ̀rẹ̀. “Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ni yóò máa lo tábìlì wọ̀nyí, tí gíga wọn wà láàárín 120 sí 140 sẹ̀ǹtímítà. Méjì-méjì ni wọn yóò máa jókòó, inú yàrá tí a dá sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì wà.” Bí àríyànjiyàn bá dìde lọ́la lórí ohun tí ẹ kò rántí kọ, gbólóhùn yìí ni lọ́yà yóò fi mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ibẹ̀ náà ni ìwọ̀n ti ń jáde. Fún ọmọ tó ga báyìí, ìjókòó tó ga ní 35 sẹ̀ǹtímítà àti ojú tábìlì tó ga ní 59 bá a mu: ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kan ilẹ̀, èjìká rẹ̀ kò sì ní gbé sókè bó bá ń kọ̀wé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ohun tí ẹ ó gbà lọ́kọ̀ọ̀kan

Ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí a sì lè kà, nìkan ni kí ẹ kọ síbí. “Pípèsè tábìlì fún ilé ìwé” kì í ṣe ohun tí a lè kà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun mẹ́rin ni olùpèsè yóò fi lé wa lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àkókò tirẹ̀:

1. Tábìlì àpẹẹrẹ kan, tó ti parí pátápátá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé.
2. Igi tí yóò fi ṣe ìyókù, tí a ó yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó gé e.
3. Tábìlì 59 yòókù, tí a kó dé, tí a sọ̀ kalẹ̀, tí a sì tò sínú yàrá mẹ́ta tí a dárúkọ, kó tó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ.
4. Àtúnṣe oríkèé tó bá mì, ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ẹ̀kẹta dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà “tí a kó dé” kò tó. Mo ti rí ibi tí ọkọ̀ ti já ẹrù sí ẹnu géètì lábẹ́ òjò, tí awakọ̀ sì ní owó òun kò kan gbígbé wọlé. Ẹ sọ ẹni tó ń san owó ọkọ̀, ẹni tó ń san owó àwọn tó ń sọ ẹrù, àti ibi tí ẹrù yóò wà gan-an kí a tó lè ní ó ti dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ bí nǹkan náà ṣe rí

Ẹ kọ ìwọ̀n, irú igi, oríkèé, àti ohun tí a fi kùn ún. Ìwọ̀n kò gbọdọ̀ wà láìsí àlàfo: “59 sẹ̀ǹtímítà, ó lè fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà dín tàbí lé.” Bí ẹ kò bá fi àyè yẹn sílẹ̀, kò sí tábìlì kan láyé tí yóò bá ìwé yín mu, nígbà tí ohun gbogbo bá sì tàpá sí ìwé, ẹnikẹ́ni kì í ka ìwé náà sí mọ́.

Ní ti igi, ẹ dárúkọ rẹ̀. “Igi líle” kò tó. Ẹ lè kọ pé apá, ìrókò tàbí tíìkì ni kó fi ṣe ẹsẹ̀ àti ìdábùú, kí ẹ sì gbà kó fi àfàrà ṣe ojú tábìlì kí owó má baà pọ̀ jù. Ẹ kọ ohun tí ẹ kò fẹ́ pẹ̀lú: arère fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, àmọ́ ó rọ̀ jù fún ẹsẹ̀ tí ọmọ méjì ń tì síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti kùn ún ní fánísì dúdú tán, ojú ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ igi kò lè dá a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ àyẹ̀wò igi di ohun tó dá dúró, kó tó di tábìlì.

Oríkèé ni ẹ̀mí tábìlì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ìdábùú kọ̀ọ̀kan yóò ní ahọ́n tó wọ inú ihò tí a gbẹ́ sára ẹsẹ̀, ahọ́n náà yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó kéré tán, a ó fi gọ́ọ̀mù igi lẹ̀ ẹ́, a ó sì fi èèkàn igi kan tì í. A kò ní fi ìṣó nìkan so ìdábùú mọ́ ẹsẹ̀.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe iyebíye jù nínú gbogbo ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òṣùwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Òṣùwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà ni ìdánwò tí ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yege kí ẹ tó gbà á. Mo máa ń bi ara mi ní ìbéèrè kan lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá kọ: bí káfíńtà mìíràn, tí kò mọ̀ mí, tí kò sì mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, bá mú ìwé yìí dání lọ síwájú tábìlì, ṣé ìdáhùn kan náà pẹ̀lú tèmi ni yóò rí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò tíì kọ ọ́ tán. “Kó dán dáadáa” yóò mú ìdáhùn mẹ́ta jáde lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta. “Kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún yíká etí, kí òwú kankan má fà” yóò mú ẹyọ kan jáde.

Fún tábìlì tiwa, ìdánwò márùn-ún ni mo kọ.

Àkọ́kọ́ ni omi inú igi. Pákó a máa sún kì ní ìbú bó bá ń gbẹ, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì ní gígùn. Nítorí náà, bí a bá fi igi tútù ṣe ahọ́n, yóò tín-ín-rín sí i nínú ihò rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé, oríkèé yóò sì tú, bó ti wù kí káfíńtà mọṣẹ́ tó. Ohun tó bá tábìlì 40 tèmi nìyẹn. Ẹ kọ pé omi inú igi kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú 100 lọ, pé ní ṣọ́ọ̀bù ni a ó ti wọ̀n ọ́ kó tó gé e, àti pé ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ láàárín pákó ni a ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀, torí ẹ̀yìn pákó máa ń gbẹ ju inú rẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rọ, ẹ gé èkúfọ́ kan láti àárín pákó, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sínú ààrò oníná tó gbóná díẹ̀ ju 100 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì lọ títí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Èyí tí mo ṣe báyìí rí wọn gíráàmù 400, ó di 340. Gíráàmù 60 ló lọ. Bí a bá fi 340 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 18 nínú 100. Igi yẹn kò yege. Pákó tútù tó nípọn ní íǹṣì kan kì í gbẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń gba oṣù mélòó kan lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí ọjọ́ tí ẹ fún olùpèsè kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn, ẹ kọ pé igi tó ti gbẹ ni kó rà, kí ẹ sì mọ̀ pé owó rẹ̀ yóò ga ju ti tútù lọ.

Ìkejì ni ẹrù. “A ó tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 50 kílógíráàmù sórí ìjókòó fún wákàtí kan. Bí a bá gbé wọn kúrò, igi kankan kò gbọdọ̀ là, oríkèé kankan kò sì gbọdọ̀ ṣí.” Ọmọ méjì kò wọn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ kì í jókòó jẹ́ẹ́.

Ìkẹta ni ìdúró. Ẹ gbé tábìlì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa. Káàdì báńkì méjì tí a tò léra kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ kankan. Káàdì báńkì gbogbo kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ju 0.76 mìlímítà lọ ní sísanra, nítorí náà òṣùwọ̀n kan náà ni ti ẹ̀yin àti ti olùpèsè. Ẹ dárúkọ ilẹ̀ tí ẹ ó lò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilẹ̀ ló wọ́.

Ìkẹrin ni etí àti orí ìṣó: aṣọ ni a ó fi nù ún bí mo ti sọ, orí ìṣó tàbí súkúrù kankan kò sì gbọdọ̀ yọ sókè níbi tí ara ọmọ lè kàn. Ìkarùn-ún ni ìwọ̀n, tépù ni a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mélòó ni ẹ ó yẹ̀ wò, ta ni yóò sì ṣà wọ́n?

Ẹ yẹ gbogbo 60 wò ní ti ìdúró, etí àti ìṣó, torí ẹyọ kan tó ní ìṣó síta tó láti ya ọmọ lára. Ti ẹrù àti ti ìwọ̀n ń gba àkókò, nítorí náà mẹ́jọ ni kí ẹ mú. Kí olùpèsè má ṣà á fún yín. Ẹ fi ẹfun kọ nọ́ńbà sábẹ́ tábìlì, ẹ ká nọ́ńbà kan náà sínú bébà, kí ẹnì kan fa mẹ́jọ jáde lójú ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá kùnà. Èyí tí mo ń kọ ni pé bí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ bá kùnà ìdánwò ẹrù, a ó fa mẹ́jọ mìíràn. Bí ẹyọ kan bá tún kùnà nínú ìyẹn, a ó dá gbogbo rẹ̀ padà fún un kó lọ tún un ṣe. Ó le lójú olùpèsè, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tábìlì 60 tí ọwọ́ kan náà ṣe pẹ̀lú igi kan náà kì í ní àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́

Òfin Títa Ọjà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí òfin títa ọjà ti àwọn ìpínlẹ̀ wa bá mu, sọ pé bí olùrà bá gbé ọjà sílé kọjá ìgbà tó bójú mu, tí kò sì sọ fún òǹtajà pé òun kò gbà á, ó ti gbà á nìyẹn. Òfin kò ka “ìgbà tó bójú mu” ní ọjọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á: “Ilé ìwé ní ọjọ́ iṣẹ́ méje láti ọjọ́ tí tábìlì tó gbẹ̀yìn wọ yàrá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tí a kọ, tó dárúkọ nọ́ńbà tábìlì àti ìdánwò tó kùnà, nìkan ni a fi lè kọ̀ ọ́. Olùpèsè ní ọjọ́ mẹ́wàá láti tún un ṣe, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ẹ fi kún un pé bíbuwọ́ lu ìwé ìgbà-ẹrù lọ́wọ́ awakọ̀ kì í ṣe ìtẹ́wọ́gbà, iye tó dé nìkan ló ń jẹ́rìí sí.

Òfin kan náà sọ pé bí a bá tajà nípa àpẹẹrẹ, ìyókù gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ mu. Nítorí náà, bí ẹ bá gba tábìlì àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lu abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tì í mọ́ yàrá ọ̀gá ilé ìwé títí iṣẹ́ yóò fi parí. Kó má wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tí kò sí nínú iṣẹ́, àti ohun tó kan ilé ìwé

Èyí kò gùn. Títún ògbólógbòó tábìlì ṣe kò sí níbẹ̀. Ṣíṣe tábìlì tíṣà kò sí níbẹ̀. Ilé ìwé ni yóò kó yàrá mọ́, tí yóò ṣí géètì, tí yóò sì fi ẹnì kan síbẹ̀ ní ọjọ́ ìkójà. Bí ilé ìwé bá kùnà, ọjọ́ olùpèsè yóò sún síwájú ní iye ọjọ́ kan náà. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí padà, ìwé ni kó fi kọ ọ́, pẹ̀lú owó àti ọjọ́ tuntun, kí ẹ̀yin méjèèjì sì buwọ́ lù ú kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ilé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù, “Ẹ bá wa fi pẹpẹ ìwé sí i,” ti da ọ̀pọ̀ àdéhùn rú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ so owó mọ́ ìtẹ́wọ́gbà

Ìdá 30 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, kó lè ra igi. Ìdá 20 nígbà tí àpẹẹrẹ àti igi bá yege. Ìdá 40 nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá yege nílé ìwé. Ìdá 10 tó kù dìgbà tí ọyẹ́ bá kọjá, tí ẹ bá ti mi gbogbo oríkèé wò ní oṣù Kejì. Ẹ má kọ “nígbà tó bá kó wọn dé” síbi tí ẹ ní lọ́kàn pé “nígbà tí wọ́n bá yege”.

Ẹ má sì di owó ìbẹ̀rẹ̀ mú kó kéré jù. Káfíńtà tí kò rówó ra igi gbígbẹ yóò ra tútù, àbùkù yẹn yóò sì padà sọ́dọ̀ yín.

Ìkìlọ̀

Bí ẹ bá ń dán ẹrù wò, kí ẹni méjì gbé àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ wọn jìnnà sí abẹ́ ìjókòó, kí ọmọ kankan má sì sí nítòsí. Ẹ má ní kí ènìyàn gun orí rẹ̀ dípò àpò. Bí ẹ bá ń gbẹ èkúfọ́ igi nínú ààrò, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ má lo tábìlì tí ẹ ń ṣiyèméjì lé lórí. Bí ọmọ bá ti jókòó sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, olùpèsè lè sọ pé ọmọ ló bà á jẹ́, ẹjọ́ yẹn yóò sì ṣòro fún yín láti jàre. Ẹ kó èyí tó kùnà sí yàrá ọ̀tọ̀.

Àṣìṣe tí mo sábàá rí

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó abala iṣẹ́ láti inú ìwé àdéhùn mìíràn. Ọ̀rẹ́ kan fi tirẹ̀ hàn mí, wọ́n fẹ́ ra tábìlì onígi, ìwé sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìpata lára irin. Òmíràn ni kíkọ òṣùwọ̀n tí ẹ kò ní ohun èlò láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá lè rí ẹ̀rọ omi igi yá, tí ẹ kò sì ní ààrò, ẹ má kọ ìdá 15. Ẹ kọ pé àwọn méjì tó mọ igi, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín yan ọ̀kan, ni yóò jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìkẹta ni kíkọ ohun kan náà síbi méjì pẹ̀lú iye tí kò bára mu: 59 nínú ọ̀rọ̀, 60 nínú àwòrán. Ẹ kọ èyí tí yóò borí bí wọ́n bá takora.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú

Ẹ ka ìwé náà sókè fún káfíńtà, láti orí dé ìsàlẹ̀, ní èdè tó gbọ́ dáadáa. Bí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi kọ ọ́, tí kò sì lè kà á, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ń béèrè pé kí ẹni tó kọ ìwé fún irú wọn kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀, kó sì hàn nínú ìwé pé a kà á fún un, a sì túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ dúró lórí ìdánwò kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì bi í bóyá ó ṣeé ṣe. Nígbà tí mo ka ti ìwọ̀n fún bàbá tó ṣe iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ yẹn fún wa, wọ́n mi orí. “Ẹ̀yin tíṣà,” wọ́n ní, “ìdajì sẹ̀ǹtímítà yẹn dára fún gíga. Ẹ jẹ́ kí ti ìbú ojú tábìlì jẹ́ odindi kan, torí pákó tí mo bá rà ni yóò sọ bó ṣe fẹ̀.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. A fa ìlà sí i, a kọ odindi kan, a sì jọ buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀dà méjèèjì.